Ohun Tó Jìnnà Kì Í Sáré

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Ọ̀rẹ̀ wá sí Omífúnfún, tó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, yóò rí i pé ohun tó wà níta kì í sáré bákan náà. Koríko etí títì ń fò kọjá débi pé ojú kò lè mú ewé rẹ̀ kan ṣoṣo. Àwọn igi kòkó tó wà lẹ́yìn koríko ń kọjá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èèyàn lè ka ìdí wọn níkọ̀ọ̀kan. Àwọn igi ńláńlá inú igbó, tí orí wọn yọ lókè kòkó, fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan. Bó bá wá jẹ́ pé alẹ́ ni, tí òṣùpá sì ti yọ, òṣùpá kò kọjá rárá, ńṣe ló ń bá ọkọ̀ lọ. Nígbà tí a wà ní kékeré, a máa ń jiyàn lórí ẹni tí òṣùpá ń tẹ̀ lé nínú wa. Kálukú ló gbà pé òun ni.

Ohun tí à ń rí lójú fèrèsé ọkọ̀ yìí ni àwọn tó ń ṣe kàtúùnù ń lò láti mú kí àwòrán pẹlẹbẹ jìn sínú. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní párálásì. Mo ti ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà láti nǹkan bí ọdún méjì, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti mọ ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́.

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi. Nígbà ìkórè kan, wọ́n gbójú sókè láti fi ọ̀pá gígùn tí dòjé wà lórí rẹ̀ já kòkó, ni pàǹtí bá já bọ́ sí wọn lójú òsì. A tọ́jú ojú náà títí, kò ríran mọ́. A rò pé apá òsì nìkan ni wọn kò ní máa rí, àfi bí wọ́n bá yíjú síbẹ̀. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ń da omi sínú ife, orí tábìlì ni omi ń dà sí. Bí wọ́n bá na ọ̀pá sí kòkó, dòjé kò ní dé ibẹ̀, tàbí kó kọjá ibẹ̀, kó lọ họ ara igi. Ẹni tó bá mọ kòkó mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ara igi gan-an ni kòkó ti ń so. Ojú ibi tí ti ọdún yìí ti so ni òdòdó ti ọdún tó ń bọ̀ yóò ti yọ, ẹni tó bá sì fi dòjé họ ibẹ̀ ti pa èso tí kò tíì yọjú. Àwọn ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí wọ́n gbé oko fún ẹlòmíràn, kí wọ́n jọ máa pín ohun tó bá tibẹ̀ wá. Bàbá mi kò dá wọn lóhùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ni pé ojú méjì kì í rí ohun kan náà. Àlàfo tó wà láàárín ẹyinjú wa méjèèjì tó sẹ̀ǹtímítà 6, nítorí náà ibi tí ojú ọ̀tún ti ń wo kòkó yàtọ̀ díẹ̀ sí ibi tí ojú òsì ti ń wò ó. Ọpọlọ a mú àwòrán méjèèjì, a wo ìyàtọ̀ wọn, a sì ti ibẹ̀ mọ bí kòkó ṣe jìnnà tó. Ẹ di ojú kan, kí ẹ gbìyànjú láti ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ohun tí mò ń wí yóò yé yín.

Kò tó oṣù mẹ́ta tí a fi rí i pé bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan tuntun. Kí wọ́n tó na ọ̀pá, wọ́n á kọ́kọ́ gbé orí sọ́tùn-ún, wọ́n á gbé e sósì, bí ẹni tó ń yọjú lẹ́yìn igi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á na ọ̀pá, dòjé á sì bọ́ sí ọrùn kòkó gẹ́lẹ́. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn. Bí wọ́n bá gbé orí, kòkó tó wà nítòsí á sún púpọ̀ lójú wọn, ewé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sún díẹ̀, wọ́n á sì ti ara ìyàtọ̀ yẹn mọ ibi tí kòkó wà. Iṣẹ́ tí ojú méjì ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà ni ojú kan tó ń rìn ń ṣe ní ẹ̀ẹ̀méjì. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Hermann von Helmholtz, ti kọ nípa rẹ̀ láti bí ọdún 1866. Ó ní bí èèyàn bá dúró sójú kan nínú igbó kìjikìji, gbogbo ewé àti ẹ̀ka á dà pọ̀ mọ́ra, kò ní mọ èyí tó wà níwájú. Àmọ́ bó bá ti gbé ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tú ká, kálukú á sì dúró sí àyè rẹ̀. Inú igbó bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Ìkórè méjì ti kọjá lẹ́yìn náà, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ṣì ń já kòkó wọn.

Ẹ wá wo ojú tẹlifíṣọ̀n tàbí ti fóònù. Pẹlẹbẹ ni. Ohun kan náà ni ojú ọ̀tún àti ojú òsì ń rí níbẹ̀, nítorí náà ojú méjì kò ṣe wá láǹfààní kankan tí a bá fẹ́ mọ ohun tó jìnnà nínú àwòrán. Níwájú àwòrán, bí olójú kan ni gbogbo wa rí. Ohun tó kù fún ẹni tó ń ṣe kàtúùnù ni èyí tó kù fún bàbá mi: kí nǹkan rìn, kí ti ìtòsí sì yára ju ti òkèèrè lọ.

Kò rọrùn láti ṣe é láyé ìgbà tí kò sí kọ̀ǹpútà. Walt Disney, ará Amẹ́ríkà, máa ń fi òṣùpá ṣàlàyé ìṣòro náà. Bí a bá ya ilé, igi àti òṣùpá sórí bébà kan ṣoṣo, tí a gbé kámẹ́rà sún mọ́ bébà yẹn bí ẹni tó ń rìn lọ sí ilé náà, ilé á tóbi sí i, igi á tóbi sí i, òṣùpá náà á sì máa tóbi sí i. Ta ló rìn lọ sílé tí òṣùpá wú sí i lójú rí? Ojútùú tí wọ́n rí ni pé kí wọ́n ya ohun kọ̀ọ̀kan sórí gíláàsì tirẹ̀, kí wọ́n to àwọn gíláàsì náà lé ara wọn pẹ̀lú àlàfo láàárín, kí kámẹ́rà wà lókè pátápátá, kó máa wo ìsàlẹ̀. Wọ́n lè wá sún gíláàsì kọ̀ọ̀kan níwọ̀n tirẹ̀. Obìnrin kan ní ilẹ̀ Jámánì, Lotte Reiniger, ti to gíláàsì báyìí fún fíìmù tó fi bébà gígé ṣe ní ọdún 1926. Ilé iṣẹ́ Disney lo ẹ̀rọ ńlá tiwọn nínú fíìmù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní The Old Mill ní ọdún 1937.

Lónìí, inú kọ̀ǹpútà ni gíláàsì àti kámẹ́rà wà. Èyí tí mò ń lò ni OpenToonz, tí a kò fi owó rà. Ìpele ni mo máa pe ohun tó rọ́pò gíláàsì. Ẹni tó ń yàwòrán á ya ìpele kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, á sọ bí ó ṣe jìnnà sí kámẹ́rà, á sì wá sún kámẹ́rà. Kọ̀ǹpútà á bá a ṣírò ìyókù. Síbẹ̀, mo fẹ́ràn kí n kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ sórí bébà, torí ẹni tí kò bá mọ ìṣirò náà kò ní mọ ibi tí nǹkan ti bàjẹ́.

Ohun tí mo ṣe ni ọmọbìnrin kan tó ru apẹ̀rẹ̀, tó ń ti oko bọ̀ nírọ̀lẹ́ tí òṣùpá ti yọ. Kámẹ́rà ń bá a rìn ní ẹ̀gbẹ́, nítorí náà àárín àwòrán ló wà látòkè délẹ̀, àwọn ohun tó yí i ká ló ń kọjá. Ìṣẹ́jú àáyá 10 ni gbogbo rẹ̀. Kàtúùnù mi ń fi àwòrán 24 hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà àwòrán 240 ló wà níbẹ̀. Àwọn ẹyọ àwọ̀ wínníwínní tó para pọ̀ di àwòrán lójú kọ̀ǹpútà là ń pè ní píkísẹ́lì, 1,920 nínú wọn ló sì tò ní ìbú àwòrán mi.

Mo ní kí ilẹ̀ tí ọmọ náà ń tẹ̀ wà ní mítà 10 sí kámẹ́rà, kó sì máa sún píkísẹ́lì 8 láti àwòrán kan sí èkejì. Láti ibí yìí, òfin kan ṣoṣo ló kù: ohun tó bá jìnnà ní ìlọ́po méjì á sún ní ìdajì. Ẹ̀yin náà lè fi àtàǹpàkò yín dán an wò. Ẹ nà án síwájú, ẹ mi orí, kí ẹ wá fà á sún mọ́ imú, kí ẹ tún mi orí. Nígbà tó jẹ́ pé mítà 10 fún wa ní 8, kí a kàn máa fi jíjìnnà pín 80 ni:

```
80 / 5   = 16      koríko
80 / 10  = 8       ọmọ náà
80 / 40  = 2       kòkó
80 / 320 = 0.25    igbó
```

Òṣùpá ń kọ́? Ó jìnnà sí wa tó nǹkan bíi kìlómítà 384,000. Ẹ fi iye mítà yẹn pín 80, kò sí ohun tó máa kù. Òṣùpá kì í tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Ó kàn jìnnà débi pé ìrìn wa kò tó ohun tó lè sún un ni.

Òfin yìí kan náà ló ń sọ bí nǹkan ṣe máa tóbi tó, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kì í sì í fiyè sí i. Mo ya ọmọ náà ní gíga píkísẹ́lì 270. Bí gíga rẹ̀ láyé bá jẹ́ mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 35, a jẹ́ pé píkísẹ́lì 200 dúró fún mítà kan níbi tó wà. Ibi kòkó jìnnà ní ìlọ́po mẹ́rin, nítorí náà píkísẹ́lì 50 ló dúró fún mítà kan níbẹ̀, igi kòkó tó ga ní mítà 4 á sì jẹ́ píkísẹ́lì 200. Igi inú igbó tó ga ní mítà 40 á jẹ́ píkísẹ́lì 250, orí rẹ̀ á sì yọ díẹ̀ lókè kòkó, bó ṣe máa ń yọ lọ́nà Omífúnfún gan-an. Bí ẹnì kan bá ya kòkó tóbi, tó wá jẹ́ kó máa rọra sún bí ohun tó jìnnà, ojú á kọ̀ ọ́, bí èèyàn kò tilẹ̀ lè sọ ìdí rẹ̀. Igi náà á dà bí òkè tí wọ́n kun ní àwọ̀ ewé.

Ó yẹ kí a mọ bí ìpele kọ̀ọ̀kan ṣe máa gùn tó kí a tó fi kálàmù kàn án. Ilẹ̀ tí ọmọ náà ń tẹ̀ á sún píkísẹ́lì 8 lọ́nà 240, ìyẹn 1,920. Bí a bá fi ìbú àwòrán kún un, gígùn rẹ̀ á jẹ́ 3,840. Koríko á gùn tó 5,760. Kòkó ò ju 2,400 lọ, igbó sì jẹ́ 1,980 péré. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé koríko tí ẹnikẹ́ni kò ní wò ló ń gba iṣẹ́ jù, tó sì jẹ́ pé igbó ńlá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ìbú àwòrán lọ. Bí ìpele bá kúrú, etí rẹ̀ á yọ sínú àwòrán nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí, ibi tó ṣófo á sì hàn. Bákan náà, a gbọ́dọ̀ ya ohun tó wà lẹ́yìn koríko àti lẹ́yìn ọmọ náà pé pérépéré. Ẹni tó ya gbogbo rẹ̀ pọ̀, tó wá gé wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á rí ihò tó ní àwòrán ọmọ náà lára kòkó nígbà tí kámẹ́rà bá sún.

Àwọn ohun mẹ́ta kan wà tí ìṣirò lè pé kí wọ́n sì tún ba iṣẹ́ jẹ́.

Àkọ́kọ́ ni ẹsẹ̀. Ọmọ náà ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún àti tòsì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárín àwòrán 24. Láàárín àkókò yẹn, ilẹ̀ ti sún 8 lọ́nà 24, ìyẹn 192. Nítorí náà ìṣísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pa pọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ píkísẹ́lì 192, kò gbọ́dọ̀ lé, kò gbọ́dọ̀ dín. Bó bá jẹ́ 150, á máa yọ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí amọ̀ òjò. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ni pé kí a ya òkúta wẹ́wẹ́ kan sílẹ̀ níbi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, kí a máa wo àwòrán níkọ̀ọ̀kan. Títí tí ẹsẹ̀ yẹn á fi kúrò nílẹ̀, òkúta àti ọmọ ìka kò gbọ́dọ̀ ya ara wọn.

Èkejì ni igbó. Ìdá mẹ́rin píkísẹ́lì ló ń sún láti àwòrán kan sí èkejì, bẹ́ẹ̀ kò sí ìdajì píkísẹ́lì lójú kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá kàn ń gbé igbó náà láti píkísẹ́lì kan sí òmíràn, á dúró fún àwòrán mẹ́ta, á wá fò ní ẹ̀kẹrin. Ìyẹn jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú á sì rí i bíi gbígbọ̀n. Ohun tó ń wò ó sàn ni kí a jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa po àwọ̀ píkísẹ́lì tó fara kan ara wọn, kí a má sì ya etí igbó kó mú bí ọ̀bẹ. Ìkùukùu ọyẹ́ kì í jẹ́ kí igi òkèèrè ní etí tó mú tẹ́lẹ̀, nítorí náà èyí kò ba òtítọ́ jẹ́.

Ti koríko ni òdì kejì rẹ̀. Ewé koríko mi kò fẹ̀ tó píkísẹ́lì 16, bẹ́ẹ̀ 16 ló ń fò lẹ́ẹ̀kan. Èyí ni pé nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, ewé náà ti kúrò ní gbogbo ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ojú kò rí i pé ó rìn, ó rí i bí ewé méjì-méjì tó ń ṣẹ́jú. Mo wá fa àwọ̀ rẹ̀ ní ìbú bíi píkísẹ́lì 8, kó rí wúruwùru. Ẹ rántí koríko etí títì tí ojú kò lè mú ewé rẹ̀.

Ibì kan wà tí ọgbọ́n yìí ò lè dé. Pẹlẹbẹ ni ìpele kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀. Gbogbo igi kòkó mi ń rìn pa pọ̀ bí ẹni tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó kan, bẹ́ẹ̀ ní oko gidi, ìlà kòkó kan máa ń kọjá níwájú òmíràn. Mo lè pín wọn sí ìpele méjì tàbí mẹ́ta, iṣẹ́ ló kàn máa pọ̀ sí i. Àmọ́ bí mo bá fẹ́ kí kámẹ́rà yí ilé kan po, kí a rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìpele kò lè ṣe ìyẹn. Ohun tí a kò yà kò sí.

Nígbà tó parí, mo pe bàbá mi wá wò ó. Kí n tó tẹ ohun tó máa jẹ́ kó rìn, wọ́n ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì gbé orí sọ́tùn-ún, wọ́n gbé e sósì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lóko. Koríko kò sún, kòkó kò sún.

Wọ́n ní, "Kò dáhùn."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó rìn ná, Bàbá."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, orí wọn sì dúró jẹ́ẹ́. Kámẹ́rà ló ń bá wọn mi orí. Wọ́n wò ó tán lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kí n tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n na ìka sí i.

"Oko ta nìyẹn? Ó sún mọ́ ọ̀nà jù. Tiwa jìn tó méjì rẹ̀."

Mítà 40 ni mo mọ̀ọ́mọ̀ yàn, kí ìṣirò má bàa le. Mi ò sọ iye yẹn fún wọn rí. Mo gbé kòkó lọ sí mítà 80. Ìrìn rẹ̀ di 1, gíga rẹ̀ di 100, orí igi igbó sì wá yọ dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n tún wò ó. Nígbà tí kámẹ́rà dúró, wọ́n ṣì ń wo ibẹ̀.

Wọ́n ní, "Ó kúrú. Ọ̀nà oko wa kì í tán báyìí."

Bí mo bá fẹ́ kó tó ìṣẹ́jú àáyá 20, koríko nìkan gbọ́dọ̀ gùn tó 9,600. Mo ti ya nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú rẹ̀ kún un.